Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Ìrajà Gbọ́dọ̀ Kọ Sílẹ̀ Kó Tó Gbé Kọ́kọ́rọ́ Fún Ẹlòmíì

Ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́ ni ìwé tí òṣìṣẹ́ tó ń rajà fún iléeṣẹ́ máa ń kọ fún ẹni tó fẹ́ gbapò rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń fẹ̀yìn tì, pé wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tàbí pé ó rí iṣẹ́ síbòmíì. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀: àwọn kọńtíráàtì tí kò tíì parí, àwọn ọjà tí wọ́n ti béèrè fún tí kò tíì dé tán, àti aáwọ̀ tó wà láàárín iléeṣẹ́ àti àwọn tó ń kó ọjà wá fún un. Ìwé náà kì í sábà gùn ju ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, tàbí bí wọ́n bá kọ ọ́ gátagàta, owó lè ṣègbé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà pé bí fáìlì bá ti pé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti kọjá ni fáìlì ń sọ: àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, lẹ́tà tí wọ́n kọ, owó tí wọ́n san. Fáìlì kì í sọ fún ẹni tuntun pé ìwé kan tó dáàbò bo owó iléeṣẹ́ máa kú lóṣù tó ń bọ̀, tàbí pé oníṣòwò kan ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí fóònù pé òun máa pààrọ̀ ọjà tó bàjẹ́. Inú orí ẹni tó ń lọ nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó kù nílẹ̀, ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí nǹkan dé, ohun tó kù, ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti ibi tí ẹ̀rí wà. Nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Àpẹẹrẹ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan ní Nàìjíríà lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Kì í ṣe ilé ìwòsàn kan pàtó, àfiṣàpẹẹrẹ sì ni iye owó ọjà tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tó máa ń wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ ìrajà ilé ìwòsàn nìyẹn. Òfin Ìrajà Ìjọba ti ọdún 2007 ló de irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ni òṣìṣẹ́ náà máa kúrò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbóná lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀rọ méjì tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ìbọ̀wọ́ ìtọ́jú aláìsàn tó dé ààbọ̀, àti oníṣòwò ọ́síjìn tó ń bínú.

Ẹ̀rọ yẹn ni ótókíléèfù, èyí tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ kí kòkòrò tó wà lára wọn lè kú. Owó kọńtíráàtì náà jẹ́ ₦40,000,000. Kí agbaṣẹ́ṣe lè bẹ̀rẹ̀, wọ́n san owó àsansílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ọdún 2007, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n irú owó bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ ₦6,000,000 nínú kọńtíráàtì yìí. Òfin kan náà ní kí wọ́n má ṣe san án láìgba ìwé onídùúró láti báńkì tàbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò. Ohun tí ìwé onídùúró náà ń sọ ni pé bí agbaṣẹ́ṣe bá gbówó tí kò ṣiṣẹ́, báńkì ló máa dá owó padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó àsansílẹ̀, òfin kò tún fàyè gba sísan kọ́bọ̀ kan fún agbaṣẹ́ṣe àyàfi tí ìwé ẹ̀rí bá wà pé ó ti ṣe iṣẹ́ tó tó iye tó ń béèrè.

Gbogbo èyí wà nínú fáìlì. Ohun tí òṣìṣẹ́ tó ń lọ mọ̀, tí fáìlì kò pariwo rẹ̀, ni pé ìwé onídùúró náà ní ọjọ́ ikú. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ló máa parí. Nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ àdéhùn, kò sí ewu níbẹ̀, torí oṣù Keje ni ẹ̀rọ yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe ti kọ lẹ́tà ní oṣù Karùn-ún pé ọkọ̀ òkun fà sẹ́yìn, pé àárín oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀rọ máa tó gúnlẹ̀ ní Àpápá. Ẹni bá fi lẹ́tà yẹn àti ìwé onídùúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn máa rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wà láàárín méjèèjì, tí ₦6,000,000 máa wà níta láìní onídùúró kankan. Bí ọjọ́ 31 yẹn bá kọjá láìsí ohun tí ilé ìwòsàn ṣe, báńkì kò jẹ wọ́n ní gbèsè mọ́, kódà bí agbaṣẹ́ṣe bá sá lọ lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó máa pe ilé ìwòsàn láti rán wọn létí, nítorí pé kíkú ìwé náà kò pa báńkì àti agbaṣẹ́ṣe lára.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ báyìí: pé ìwé onídùúró ti ₦6,000,000 máa kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, pé ojúlówó rẹ̀ wà nínú àpótí irin akántáńtì, kì í ṣe nínú fáìlì ẹ̀ka ìrajà, níbi tí ẹ̀dà nìkan wà, pé wọ́n ti kọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, kó lọ bá báńkì rẹ̀ fi kún ọjọ́ ìwé náà títí di ìparí oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn, àti pé bí ìwé àfikún náà kò bá dé títí di ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, kí ẹni tuntun lọ bá ọ̀gá àgbà, kí wọ́n lè béèrè owó náà lọ́wọ́ báńkì nígbà tí ìwé ṣì wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹ́ kù yẹn kò pọ̀ jù. Lẹ́tà ìbéèrè gbọ́dọ̀ tẹ báńkì lọ́wọ́ kí ọjọ́ ìwé tó pé, ìbuwọ́lùwé méjì tàbí mẹ́ta sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba. Bákan náà, kí báńkì tí ìwé wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé àfikún náà ní tààrà, kí wọ́n má kàn gbà á lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n fi sínú fáìlì, torí pé àwọn kan máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà tó dé ààbọ̀ yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé níbẹ̀, ìwé pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kò sì sọ ohun kan náà. Ilé ìwòsàn béèrè fún páálí ìbọ̀wọ́ 400, ní ₦40,000 fún páálí kan. Ìwé àṣẹ ọjà tí wọ́n fún oníṣòwò, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ẹ́lì-pí-ò, ń sọ ₦16,000,000. Ọkọ̀ kan kó páálí 250 wá. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tú wọn wò, ó rí i pé òjò ti pa 30 nínú wọn lórí ọkọ̀, páálí ti rọ̀, ìbọ̀wọ́ ti lẹ̀ mọ́ra. Ó gba 220, ó sì kọ ọ́ sára wébììlì, níwájú awakọ̀, pé òun kọ 30. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, oníṣòwò fi ìwé owó ránṣẹ́ fún 250 páálí, ₦10,000,000.

Ẹni tuntun tó bá rí ìwé owó yìí nìkan, tó sì rí wébììlì tí iye rẹ̀ jẹ́ 250, máa rò pé wọ́n bára mu, yóò sì sún un síwájú fún sísan. Ìwé mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n tẹ́ síwájú: ìwé àṣẹ ọjà, ìwé tí sítọ́ọ̀ fi gba ọjà, àti ìwé owó. Èyí tó bá kéré jù nínú iye ọjà tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ni kí wọ́n fi san owó. Níhìn-ín, ohun tí sítọ́ọ̀ gbà ló kéré jù, 220, owó tó sì tọ́ ni ₦8,800,000. Ìyàtọ̀ ₦1,200,000 ni owó páálí 30 tí òjò pa. Ohun tó wà lọ́rùn oníṣòwò láti kó wá kì í ṣe 150 tó kù nìkan, 180 ni, nítorí pé 30 tí wọ́n kọ kò tíì di ọjà ilé ìwòsàn. Ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ iye yẹn gan-an, kó sì sọ ibi tí páálí 30 náà jókòó sí, torí bí wọ́n bá pẹ́ ní sítọ́ọ̀, ẹnìkan máa kó wọn mọ́ ọjà tó dára lọ́jọ́ kan, ẹjọ́ á sì di ẹjọ́ àìlẹ́rìí.

Ọjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Òfin ọdún 2007 sọ pé owó tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé owó ti dé, tí wọn kò tíì san án, ti pẹ́, pé èlé máa gorí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ṣe sọ. Ọgọ́ta ọjọ́ láti ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ni ọjọ́ 11, oṣù Keje, ìyẹn ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí ẹni tuntun bá jókòó. Bí ilé ìwòsàn kò bá tíì kọ lẹ́tà pé ìwé owó náà kò tọ̀nà, oníṣòwò lè sọ pé wọ́n gbà á lọ́rọ̀, wọn ò kàn sanwó ni. Ohun tó dára jù lọ ni kí ẹni tó ń lọ kọ lẹ́tà yẹn fúnra rẹ̀ kó tó kúrò, kó béèrè ìwé owó tuntun ti ₦8,800,000, kó sì fi ẹ̀dà lẹ́tà náà mọ́ ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́. Kò dára kó fi aáwọ̀ tó lè parí ní ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún fara pamọ́ sínú ọjà tó kù nílẹ̀. Bí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn ọmọdé bá tún kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ìbọ̀wọ́, tí ẹni tuntun kò sì mọ̀ pé 180 ṣì ń bọ̀, ó lè tún rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Yàtọ̀ sí pé owó máa ṣòfò, pípín ọjà kan sí wẹ́wẹ́ kí iye owó rẹ̀ má bàa dé ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ polówó rẹ̀ fún gbogbo èèyàn jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin yẹn. Ẹni tó rà á kò ní in lọ́kàn láti pín in, ṣùgbọ́n ọ́dítọ̀ máa rí ìwé àṣẹ méjì fún ọjà kan náà láàárín oṣù díẹ̀, òun ló sì máa wá ṣàlàyé. Ìlà kan tó sọ iye tí wọ́n ti rà nínú ọjà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà náà.

Ọ̀rọ̀ kẹta, ti oníṣòwò ọ́síjìn, ló ṣòro jù láti kọ, nítorí pé ìbínú wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò náà ló ni sìlíńdà. Ilé ìwòsàn ń lo 60 nínú wọn, wọ́n ń dá òfìfo padà, wọ́n ń gba èyí tó kún. Gbèsè oṣù mẹ́ta, láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, wà nílẹ̀, oníṣòwò sì ti sọ pé òun máa dáwọ́ dúró. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀sùn tirẹ̀: wọ́n gbà pé àwọn sìlíńdà kan kì í kún. Òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀wé pé "oníṣòwò yìí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé" kò tíì sọ ohunkóhun. Ẹni tuntun kò lè fi gbólóhùn yẹn ṣe nǹkan kan, bí ìwé náà bá sì dé ọwọ́ oníṣòwò, ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ó sì lè dé ọwọ́ rẹ̀: láti ọdún 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó fún ará ìlú láǹfààní láti béèrè fún ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba.

Ohun tó wúlò ni ohun tí wọ́n wọ̀n. Sìlíńdà ọ́síjìn ńlá kan máa ń gba nǹkan bí 6,800 lítà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 9. Wọ́n sábà máa ń fín ìwọ̀n òfìfo sìlíńdà sí èjìká rẹ̀. Bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ bá gbé e sórí ìwọ̀n nígbà tó dé, tó yọ ìwọ̀n òfìfo kúrò, tí ohun tó kù sì jẹ́ kìlógíráàmù 6, ìdá kan nínú mẹ́ta ló dín. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Aláìsàn tó ń fa lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan máa lo sìlíńdà tó kún fún nǹkan bí wákàtí 22. Èyí tó dín ìdá kan nínú mẹ́ta máa tán ní nǹkan bí wákàtí 15, ó lè jẹ́ láàárín òru, nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣírò pé ó máa mọ́jú. Nítorí náà, kí ìwé náà sọ ọjọ́ tí ọjà dé, iye sìlíńdà tí wọ́n wọ̀n, iye tó dín, àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n rí, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dábàá pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kí ìwé náà sọ gbèsè pẹ̀lú bó ṣe rí, láìbò ó mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló jẹ̀bi pípẹ́ owó, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlérí ẹnu ló sì ṣe pàtàkì jù níbí yìí. Bí òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá ti sọ fún oníṣòwò lórí fóònù pé wọ́n máa san owó oṣù Kẹta kí oṣù Keje tó parí, ìyẹn ló mú kí oníṣòwò ṣì máa kó ọjà wá. Ẹni tuntun tí kò mọ̀ nípa ìlérí yẹn máa dá oníṣòwò lóhùn bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí, ọ́síjìn á sì dúró. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìlérí, ẹni tó ṣe é, àti bóyá ó ní àṣẹ láti ṣe é. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí wọ́sáàpù nínú fóònù òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ di títẹ̀ jáde sínú fáìlì, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, orí fóònù ni àdéhùn tòótọ́ wà, fóònù sì ń bá olówó rẹ̀ lọ.

Ìṣòro kan wà tí kì í ṣe ẹ̀bi oníṣòwò tàbí ti iléeṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦470 sì kọjá ₦600 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti fowó sí àdéhùn ọjà òkè òkun pẹ̀lú náírà bá ara rẹ̀ nínú àdánù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, iléeṣẹ́ apoògùn Gíláksò kéde pé àwọn máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì ní láti wá ibòmíì tí wọ́n á ti máa rí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ti ń rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn tà á. Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, àwọn oníṣòwò máa ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi owó kún ọjà. Ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó dé, àti bóyá wọ́n ti dáhùn. Bí wọn kò bá fèsì sí lẹ́tà àfikún owó, oníṣòwò lè máa kó ọjà wá kó sì máa kọ owó tuntun sórí rẹ̀, títí gbèsè náà á fi ga ju ohun tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí lọ.

Bí ìwé bá ti parí, kò yẹ kí wọ́n kàn fi í sórí tábìlì. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jọ rìn lọ sí sítọ́ọ̀, kí wọ́n ka páálí ìbọ̀wọ́, kí wọ́n ka sìlíńdà. Bí ìwé bá sọ pé 60 ni, tí wọ́n sì rí 57, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ ọ́, kí àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé mẹ́ta kò sí nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí oníṣòwò bá wá béèrè owó sìlíńdà mẹ́ta náà, kò ní sí pé ta ló sọ wọ́n nù. Kí wọ́n lọ bá akántáńtì kí wọ́n fojú rí ojúlówó ìwé onídùúró. Ohun tí ẹni tuntun kò bá rí, kó má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni pé ó rí i. Kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé òun kò rí i.

Lẹ́tà kan ló kù, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í kọ: lẹ́tà sí gbogbo àwọn tó ń kó ọjà wá, pé láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, òṣìṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ kò lè béèrè ọjà lórúkọ ilé ìwòsàn mọ́, pé ìwé àṣẹ tí ọ̀gá tuntun bá tọwọ́ bọ̀ nìkan ni kí wọ́n fi kó ọjà wá. Láìsí rẹ̀, oníṣòwò tó ti ń bá ẹnì kan ṣe é lórí fóònù fún ọdún mẹ́rin lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ, kó sì sọ pé òun kò mọ̀. Ìwé ìfaṣẹ́lénilọ́wọ́ náà á wọ inú fáìlì, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, òmíràn sọ́dọ̀ ẹ̀ka ọ́dítọ̀. Àwọn ìwé kọńtíráàtì fúnra wọn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún agbaṣẹ́ṣe níṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2007 ti là á sílẹ̀. Ẹni tuntun á wá mú kàlẹ́ńdà, á kọ ọjọ́ 11, oṣù Keje, àti ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọ́síjìn.